Ojú-ìwé Kejì Lẹ́tà Ìdúpẹ́ Mi

Ìyá mi ló kọ́ mi pé ìdúpẹ́ ojú ẹsẹ̀ kò tó. Ẹni tó bá ṣe ọ́ lóore lónìí, bó o bá dúpẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, o gbọ́dọ̀ tún jí lọ́la kó o ní ẹ ṣeun àná. Tíṣà ni ìyá mi kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tó máa ń bí i nínú tó ọmọ tó gba nǹkan tí kò dúpẹ́. Á ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn títí ó fi wọ̀ mí lára. Bí mo bá ní kí n má parọ́, ẹ̀kọ́ ìyá mi yìí ló bá mi dé ibi tí mo fẹ́ sọ.

Lásìkò yẹn, mo ti jókòó sílé ní Ìlobù fún bí oṣù mẹ́jọ. Ilé-ìwé aládàáni tí mo ti ń kọ́ bàọ́lọ́jì ti kógbá sílé, torí àwọn òbí ń kó ọmọ wọn lọ sí Òṣogbo nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àárín àwa àti Ìfọ́n tún gbóná. Nígbà tí ara rọ ìlú díẹ̀, obìnrin kan nínú ìjọ wa sọ fún mi pé ilé-ìwé girama kan ní Ìfọ́n ń wá tíṣà bàọ́lọ́jì. Ìyá mi wò mí bí ẹni tó fẹ́ lọ lúwẹ̀ẹ́ nínú odò tó kún. Ó ní Ìfọ́n kẹ̀? Mo ní Ìfọ́n ni, pé ebi kò mọ ààlà. Ẹnu mi a máa yá jù nígbà mìíràn.

Wọ́n pè mí. Wọ́n ní kí n wá kọ́ kíláàsì kejì àgbà ní ẹ̀kọ́ kan, ogójì ìṣẹ́jú péré, kí àwọn wò mí, lẹ́yìn náà kí pírínsípà fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Orí ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún mi ni bí igi ṣe ń fa omi láti gbòǹgbò dé ewé. Ọjọ́ méjì ni mo fi kọ nóòtì ẹ̀kọ́ náà, tí mo sì ya àwòrán rẹ̀ sórí páálí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọlọ́kadà tó gbé mi láti Ìlobù kọ̀ láti kọjá ibi tí àwọn sójà wà. Ó já mi sílẹ̀, kò tilẹ̀ pa ẹ̀rọ rẹ̀. Mo fẹsẹ̀ rin kọjá ibẹ̀. Àwọn ilé kan wà lẹ́bàá ọ̀nà tí wọn kò ní òrùlé mọ́, koríko ti hù nínú yàrá wọn dé ojú fèrèsé. Kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n, èmi náà kò wò wọ́n. Sójà kan ní kí n tú páálí mi ká. Ó wo àwòrán igi náà pẹ́, ó wo ojú mi, ó ní kí n máa lọ. Mo rìn títí mo fi rí ọlọ́kadà mìíràn lódìkejì.

Mo tètè dé jù. Obìnrin kan ṣoṣo ni mo bá nínú yàrá àwọn tíṣà, ó tó ọmọ àádọ́ta ọdún, ó tẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ rẹ̀ sì ti tóbi jù ú lọ bí aṣọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó bi mí ní ibi tí mo ti wá. Mo fẹ́ ní Òṣogbo, àmọ́ mo sọ òótọ́, mo ní Ìlobù ni mà. Ó mi orí díẹ̀, ó sì fa àga jáde fún mi. Ó ní ọmọ Ìfọ́n ni òun. Òun nìkan ló ń kọ́ bàọ́lọ́jì àti kẹ́mísírì fún gbogbo kíláàsì àgbà, òun gan-an ló sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá ẹni kún òun, torí agbára òun kò gbé e mọ́. Bí wọ́n bá gbà mí, àwa méjèèjì ni a ó jọ máa ṣe é.

Ó gba nóòtì mi, ó sì kà á tán. Lẹ́yìn náà ló sún mọ́ mi.

"Ọmọ mi, má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ibí yìí. Wọn kò tíì kọ́ bí omi ṣe ń wọ inú ara gbòǹgbò rárá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, iṣẹ́ mi sì ti kù sẹ́yìn. Bó o bá bẹ̀rẹ̀ látòkè, wọ́n á kàn máa wò ọ́ ni."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kì í ṣe nǹkan kan, pé ó rí i pé mo ń làágùn. Ó fi kún un pé ọmọ òun obìnrin wà nínú kíláàsì náà, lórí ìjókòó iwájú, ọmọ kan ṣoṣo tí òun bí. Ilé-ìwé kì í gba owó lọ́wọ́ ọmọ tíṣà. Lọ́dún tó ń bọ̀ ni ọmọ náà máa ṣe ìdánwò àṣejáde, lójoojúmọ́ tí ara òun kò sì yá, ìdánwò yẹn ló ń gbé òun dìde wá síbi iṣẹ́.

Bí mo ṣe wọ kíláàsì, mo pa páálí mi tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Pírínsípà gba nóòtì mi, ó jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú ìwé tó fi ń gba máàkì, ọkùnrin gíga kan tí kì í ṣe ọmọ Ìlobù tàbí Ìfọ́n, ohùn rẹ̀ sì máa ń rọra jáde. Mo bi àwọn ọmọ náà pé kí ni ìyá wọn ń ṣe sí ẹ̀fọ́ tó ti rọ lọ́jà. Wọ́n ní wọ́n ń wọ́n omi sí i ni. Mo ní kí ló dé tó fi tún máa ń nà? Ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Ọmọ tó jókòó níwájú ló kọ́kọ́ rí i pé omi ń gba inú awọ tín-ín-rín ara ẹ̀fọ́ wọlé. Láti ibẹ̀ ni mo ti mú wọn dé inú gbòǹgbò, ká tó dé inú igi. Nígbà tí aago lù, wọn kò fẹ́ kí n dákẹ́. Inú mi dùn bí ẹni tó mutí.

Nínú ọ́fíìsì, pírínsípà béèrè ìwé-ẹ̀rí mi, ó béèrè bí mo ṣe ń tọ́ ọmọ tó lágídí, ó béèrè bóyá ọ̀nà kò ní dí mi lọ́wọ́. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ló mú mi. Ó ní nóòtì tí mo fi sílẹ̀ fún òun bẹ̀rẹ̀ láti inú igi, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹ̀fọ́. Báwo ni mo ṣe mọ̀? Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní tíṣà tó bá mọṣẹ́ máa ń mọ̀ lójú ọmọ ni. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní ìyẹn dára gan-an. Irọ́ gbáà! Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ó ti ń dùn mí.

Ó dùn mí délé. Mi ò lè jẹun. Mo sọ fún ìyá mi pé mo ti gba iyì oníyì, ó sì ní kí n dá a padà fún ẹni tó ni ín, ṣebí mo mọ ìwé kọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo jókòó kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ ojú-ìwé méjì lọ́jọ́ náà gan-an. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, ó dùn lẹ́tí, ó sì mọ́ bí lẹ́tà inú ìwé. Ojú-ìwé kìíní jẹ́ ti pírínsípà: mo dúpẹ́ fún àyè tó fún mi, fún sùúrù rẹ̀, fún bí ilé-ìwé rẹ̀ ṣe tòrò. Ojú-ìwé kejì dá lórí obìnrin náà. Mo ní kí wọ́n dárí jì mí, pé kì í ṣe ojú ọmọ ni mo fi mọ̀, pé òun ló sọ fún mi pé àwọn ọmọ kò tíì dé ibẹ̀ nítorí àìsàn rẹ̀, pé bí ẹ̀kọ́ náà bá dára, òun ni kí wọ́n yìn. Mo kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Mo gbà pé mo ń gbé e ga ni.

Ohun tí mi ò rò, tí ó sì yẹ kí èmi tíṣà rò ṣáájú ẹnikẹ́ni, ni dáyárì. Tíṣà kọ̀ọ̀kan ní ìwé tó ń kọ ohun tó kọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sí, pírínsípà sì máa ń buwọ́ lù ú ní ọjọ́ Ẹtì. Mo ti kọ irú rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Kò wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní ọjọ́ kejì mo tún rin ọ̀nà yẹn, ní tìtorí ẹ ṣeun àná. Mo fi lẹ́tà náà lé akọ̀wé lọ́wọ́. Nírọ̀lẹ́, pírínsípà kọ̀wé sí mi lórí fóònù, pé lẹ́tà mi wú òun lórí, pé òun ti ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí olùdásílẹ̀ ilé-ìwé kó lè rí irú èèyàn tí òun ń gbà síṣẹ́. Ìyá mi jó. Èmi náà jó.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá láìsí ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún ó pè mí. Ohùn rẹ̀ kò rọra jáde mọ́. Ó ní kí n wá láàárọ̀ ọ̀la, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun pè mí. Mo bi í pé ṣé kò sí nǹkan, ó ní kí n ṣáà wá. Mi ò sọ fún ìyá mi. Mo ní Òṣogbo ni mò ń lọ.

Nígbà tí mo wọ ọ́fíìsì náà, obìnrin yẹn ló wà lórí ìdúró níwájú tábìlì, àga sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní kó jókòó lé. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó dáhùn, àmọ́ kò wo ibi tí mo wà. Lẹ́tà mi wà lórí tábìlì, ojú-ìwé kejì ló wà lókè, ẹnìkan ti fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi. Dáyárì kan ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ka ibi tó ṣí sí láìfẹ́: ó wà níbẹ̀ gedegbe pé wọ́n ti kọ́ bí omi ṣe ń wọ inú gbòǹgbò, wọ́n sì ti parí rẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ tí obìnrin náà wà lọ́sibítù.

Pírínsípà bi mí bóyá èmi ni mo kọ lẹ́tà náà. Mo ní èmi ni. Ó ní olùdásílẹ̀ ti kà á fínnífínní ju òun lọ, pé ó fẹ́ mọ ẹni tó ń purọ́, bóyá lẹ́tà ni tàbí dáyárì. Ó fi ojú mú mi, mo sì rí i pé ọkùnrin yìí ń bẹ̀rù. Òun ló buwọ́ lu dáyárì náà.

Mo ní bóyá mo ṣì í gbọ́ ni sà. Mo ní ara mi ń gbọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ náà, bóyá kíláàsì mìíràn ni wọ́n ń sọ. Mò ń kálòlò. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀, mo wá ń fi ọwọ́ kó o.

"Ẹ má dà á láàmú, sà," ni obìnrin náà wí. "Mo sọ ọ́ fún un. Òótọ́ ni. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ bí a ṣe ń kọ dáyárì níbí."

Kò pariwo. Pírínsípà pa dáyárì náà dé, ó fà á sún mọ́ ara rẹ̀, ó sì ní ìgbìmọ̀ ilé-ìwé ti pinnu pé kí obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní torí pé ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ parí sáà yìí. Obìnrin náà dúpẹ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọkùnrin tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó ní ẹ ṣé sà, ó sì jáde. Lójú ẹsẹ̀ náà ni pírínsípà fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó ti lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ sí mi. Bàọ́lọ́jì àti kẹ́mísírì, gbogbo kíláàsì àgbà. Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo ní kí ó fún mi láyè kí n rò ó.

Obìnrin náà ń dúró dè mí lẹ́yìn géètì, pẹ̀lú báàgì ṣíṣí kan tí ìwé kún inú rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin nínú erùpẹ̀ ibẹ̀. Mo retí pé kó ṣépè fún mi. Àwọn èèyàn ń kọjá, mo sì mọ ohun tí wọ́n máa wí bí wọ́n bá gbọ́: ọmọ Ìlobù kan wá, ó sì gba oúnjẹ lẹ́nu ìyá wa. Mo mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dá sílẹ̀ lójú ọ̀nà tí mo ń gbà. Ó ní kí n dìde kíákíá kí wọ́n tó máa wò wá.

"Gba iṣẹ́ náà," ó wí. "Bí o kò bá gbà á, ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n dé ni wọ́n máa mú wá, ọmọ mi á sì wà níbẹ̀. Kọ́ ọ dáadáa kí sáà tó parí. Lẹ́yìn ìyẹn, Ọlọ́run á ṣe é. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má kọ nǹkan kan mọ́ nítorí mi."

Mo gba iṣẹ́ náà. Mo purọ́ fún ìyá mi pé obìnrin yẹn ló fúnra rẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí àìsàn. Ó ní kí n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nílé.

Ọmọ obìnrin náà kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ì bá sàn fún mi bó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Láràárọ̀ ló máa ń kúnlẹ̀ kí mi, ojú rẹ̀ nílẹ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo ń gbé wọn lọ díẹ̀díẹ̀, mo máa ń dá a dúró lẹ́yìn ẹ̀kọ́ láti rí i pé ó yé e. Kò bi mí ní ìbéèrè tí kò sí nínú ìwé rí.

Lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ mo kọ òótọ́ sínú dáyárì: bí omi ṣe ń wọ inú gbòǹgbò, a kò tíì parí rẹ̀. Pírínsípà ránṣẹ́ pè mí. Inú kò bí i, àga ló fi lọ̀ mí. Ó ní àwọn aṣojú ìjọba ń bọ̀ wá yẹ ilé-ìwé wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìlànà ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń lò sì sọ pé ó yẹ kí kíláàsì náà ti dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń yí ara ká. Ohun tó wà nínú ìlànà ni kó wà nínú dáyárì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ṣáájú mi ṣe ń kọ ọ́, pé kì í ṣe nǹkan bàbàrà.

Mo wá mọ ìtumọ̀ ohun tí obìnrin náà sọ nínú ọ́fíìsì yẹn, tí ọkùnrin yìí kò dáhùn.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n kọ ọ́, sà. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù."

Ó gbé ojú sókè. Ó fi fáìlì mi hàn mí, ó ní lẹ́tà tí mo kọ ṣì wà nínú rẹ̀, lẹ́tà dáadáa ni, ó sì ṣe ilé-ìwé láǹfààní. Lẹ́yìn náà ó rọra bi mí, bí ẹni tó ń béèrè àlàáfíà ilé, pé ṣé ọmọ yẹn ṣì wà nínú kíláàsì mi.

Mo ní ó wà, sà. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ó yí dáyárì náà sí mi, ó sì na báírò rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù kí sáà náà parí. Mo kà wọ́n lọ́kàn mi níbi tí mo jókòó sí, mo sì fa ìlà sórí ohun tí mo kọ́kọ́ kọ. Mo kọ ọ́ pé a ti kọ́ bí omi ṣe ń wọ inú gbòǹgbò, a sì ti parí rẹ̀. Ó buwọ́ lù ú.

Nígbà tí mo padà sí kíláàsì, mo kọ orí ẹ̀kọ́ tuntun sójú pátákó, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí ara ká. Àwọn ọmọ ń ṣí ìwé. Ọmọ iwájú nìkan ni kò ṣí i. Ó na ọwọ́ sókè, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti gba iṣẹ́ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé a ti parí èyí tá a wà lórí rẹ̀ ni?"

Mo ní a ti parí rẹ̀. Ó wò mí díẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni mà, ó sì ṣí ojú-ìwé tuntun.